Ohun Tí Apá Òsì Bùbá Kan Kọ́ Mi Nípa Ìyìn

Láti ọdún 2003 ni mo ti ń ránṣọ ní Ìbàdàn, aṣọ obìnrin ni mo sì ń rán jù. Ẹni tí ó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò lè ṣe kí ó má gbọ́ ìyìn, kò sì lè ṣe kí ó má yin ènìyàn, nítorí pé iwájú dígí ni iṣẹ́ wa ń parí sí, ẹni tí ó bá sì wọ aṣọ tuntun dúró síwájú dígí ń retí ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbà mí tó ọdún mẹ́wàá kí n tó mọ̀ pé n kò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì í ṣe. Bí wọ́n bá yìn mí, ńṣe ni mo máa ń da ìyìn náà nù lójú ẹni tí ó gbé e wá. Bí èmi bá sì ń yin ènìyàn, ó máa ń dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń wá owó. Mo pàdánù oníbàárà kan nítorí ti àkọ́kọ́, mo sì dá ọgbẹ́ sí ọkàn ẹnìkan nítorí ti èkejì. Mo kọ ìtàn náà sílẹ̀ níhìn-ín, bóyá ẹni tí ó bá kà á kò ní gba ibi tí mo gbà.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń da ìyìn nù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò mọ̀ pé òun ń kọ́ mi. Bí ẹnìkan bá sọ pé gèlè rẹ̀ dára, yóò ní, “Èyí tí mo ti ń wé láti ayébáyé ni.” Bí wọ́n bá ní ọbẹ̀ rẹ̀ dùn, yóò ní iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí àlejò bá yin èmi tàbí àwọn àbúrò mi, kíá ni yóò ti fi wá bú: “Àwọn wọ̀nyí? Ẹ kò tíì mọ̀ wọ́n ni.” Ó ní ìdí tirẹ̀. Ó gbà pé ohun tí wọ́n bá ń yìn jù ni ojú ayé ń wọ̀, bí a kì í ti í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ó sì máa ń pa á lówe pé a kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ní í kángun rẹ̀. N kò bá a jiyàn lórí èyí nígbà náà, n kò sì ní bá a jiyàn nísinsìnyí. Ohun tí mo wá rí lẹ́yìn náà ni pé mo jogún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ láìjogún ìdí rẹ̀. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ojú ẹnikẹ́ni. Ẹnu mi ni ó ṣáà ti mọ́ ọn lára, tí ó fi jẹ́ pé kí n tó gbọ́ ìyìn tán ni mo ti ń wá àbùkù tí n ó fi bò ó.

Ní ọdún 2013, olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì gbé léèsì aláwọ̀ ewé yáàdì márùn-ún wá fún mi. Ọjà Gbági ni ó ti rà á, ó fẹ́ fi rán bùbá àti ìró fún ìdána ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò lórí aṣọ náà. Ọrùn rẹ̀ ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí pé obìnrin náà ní èjìká tí ó lọ sílẹ̀ díẹ̀, bí a bá sì fi ọrùn tí a máa ń gé fún gbogbo ènìyàn gé e fún un, yóò máa yọ́ sílẹ̀, òun yóò sì máa fà á gòkè ní gbogbo ìgbà. Mo dín ẹ̀gbẹ́ ọrùn náà kù ní ìdajì ínǹṣì lọ́tùn-ún àti lósì, mo sì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀. Ibi tí n kò ti ṣe dáadáa ni apá òsì. Orí apá aṣọ máa ń tóbi díẹ̀ ju ihò tí a ó rán an mọ́ lọ, a ó sì máa fi ọwọ́ sún àjẹkù náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọlé. Òdòdó ara léèsì yìí nípọn, kò gbà kí n sún un, ni orí apá náà bá ṣù díẹ̀ lókè. Ẹni tí kò bá ránṣọ kò lè rí i.

Lẹ́yìn ìdána náà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, màmá náà gbé ìrẹsì àti ẹran wá fún wa nínú kúlà. Ẹnu ọ̀nà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: “Ìyá Ìbejì, mo wá dúpẹ́ ni. Gbogbo ìdílé ọkọ ìyàwó ni ó ń bi mí pé ta ni ó rán aṣọ mi. Ọrùn rẹ̀ jókòó sí mi lára, n kò fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí ilẹ̀ fi ṣú.”

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ó pẹ́ kí n tó mọ iyì ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà sọ. Kò sọ pé mo mọ aṣọ rán ju gbogbo ayé lọ. Ọrùn ni ó mú, ọrùn tí èmi fúnra mi mọ̀ pé òun ni mo ṣiṣẹ́ lé lórí jù, ó sì sọ ohun tí ọrùn náà ṣe fún un láti àárọ̀ di alẹ́. Bí mo bá rántí gbogbo aṣọ tí mo rán ní ọdún náà, bóyá ẹnìkan kò tún yìn mí tó bẹ́ẹ̀. Èsì tí mo fún un nìyí: “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, mo kàn sáré rán an ni. Ẹ kò rí i pé apá òsì ṣù ní èjìká ni? Ó yẹ kí n tú u, àyè ni kò sí.”

Ó wo èjìká òsì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aṣọ mìíràn ni ó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Ó gbé kúlà sílẹ̀, kò jókòó, ó sì lọ.

Ìrẹ̀lẹ̀ ni mo rò pé mo ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó fi bùbá náà ránṣẹ́ nínú ọ̀rá pé kí n bá òun tún apá rẹ̀ ṣe. Mo tún un ṣe, n kò gbowó, láti ìgbà náà ni n kò sì ti fojú kàn án mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Aládùúgbò rẹ̀ kan tí èmi náà ń ránṣọ fún ni ó sọ fún mi pé màmá náà ní télọ̀ òun fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun sáré rán aṣọ ìdána òun. Kò purọ́ mọ́ mi. Nígbà tí mo jókòó ro ọ̀rọ̀ náà, mo rí ohun tí mo ṣe fún un ní kedere. Mo sọ fún un pé ojú rẹ̀ kò ríran. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ tí mo gba owó pípé lé lórí jẹ́ iṣẹ́ àṣesáré. Èyí tí ó burú jù ni pé mo gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé nígbàkígbà tí ó bá wo fọ́tò ìdána ọmọ rẹ̀ tí ó gbé kọ́ ògiri, èjìká òsì ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ bá. Kí èmi tó la ẹnu, kò sí èjìká òsì nínú fọ́tò náà.

Mo pinnu pé n kò ní sọ irú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ohun tí n ó fi dípò rẹ̀, ni mo bá bọ́ sínú àṣìṣe mìíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìyìn padà lójú ẹsẹ̀ bí ẹni tí ó ń san gbèsè. Bí ẹnìkan bá ní aṣọ mi dára, n ó ní, “Ẹ ṣé, mà, tiyín ni ó dára jù.” Ìyá àgbà kan dá mi lóhùn lọ́jọ́ kan pé, “Èwo nínú tèmi? Aṣọ tí mo fi ń yan ẹja ni mo wọ̀ wá yìí.” Gbogbo àwọn ọmọṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yé mi pé n kò tilẹ̀ wo obìnrin náà kí n tó sọ̀rọ̀. Ìyìn tí a bá sáré dá padà báyìí ń fi hàn pé èyí tí wọ́n fún wa wúwo lọ́wọ́ wa, a sì fẹ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní kíákíá.

Láti ibẹ̀ ni mo ti wá sọ yíyin àwọn oníbàárà di ara òwò. Mo ti rí àwọn onílù gángan lóde ìnáwó, bí wọ́n ṣe ń ki ènìyàn tí owó fi ń já lé wọn lórí, mo rò pé èmi náà lè fi ẹnu dídùn tà. N kò rò ó pé ẹni tí ó ń náwó fún onílù mọ ohun tí òun ń rà, onílù náà sì mọ ohun tí òun ń tà. Eré ni àwọn méjèèjì ń bá ara wọn ṣe, gbogbo agbo ni ó sì mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí ó bá mi ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. N ó wo ẹni ọgọ́ta ọdún, n ó ní ó dà bí ọmọ ọdún méjìdínlógún. Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá dúrà: “Nígbà tí ẹ fẹ́ràn mi tó báyìí, ẹ bá mi yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀.” Ó pẹ́ kí n tó kíyè sí i pé ìgbà gbogbo ni ọ̀rọ̀ dídùn mi máa ń bọ́ sí kété kí n tó dárúkọ owó. Àwọn ti kíyè sí i tipẹ́.

Ọjọ́ tí ó mú mi dẹ́kun bọ́ sí ọdún 2016. Oníbàárà mi kan tí mo ti ń rán aṣọ fún láti ọdún mẹ́rin dé, mo sì mọ ìwọ̀n rẹ̀ lórí: ìdí rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 44. Mo na téèpù yí i ká, ó jẹ́ 40. Láìronú, mo pariwo pé, “Ẹ kú oríire o! Ẹ ti fọn, ẹ ti padà di ọmọge! Kí ni ẹ lò? Ẹ sọ fún èmi náà.” Ó dákẹ́. Ó wá rọra sọ pé, “Àìsàn ni, Ìyá Ìbejì. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń bọ̀ láti bí oṣù mẹ́ta.” Téèpù ṣì wà ní ìdí rẹ̀, ìka mi ṣì wà lórí nọ́ńbà náà. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, òun ni ó sì tún ń tù mí nínú, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí ó lọ tán, mo rántí àwọn ohun tí mo rí nígbà tí ó wọlé tí n kò sì kà sí: ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí ó tó kí ẹnikẹ́ni, èyí tí kì í ṣe ìṣe rẹ̀, egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ, ó sì fi ọwọ́ di tábìlì mú kí ó tó dìde. Téèpù nìkan ni mo wò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí àgbàlagbà bá sọ fún ènìyàn pé “O ti sanra o,” oore ni ó ń fẹ́ fún un, ó túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ le, ilé sì tù ú. Lónìí, mo ní oníbàárà tí ọ̀rọ̀ yẹn lè mú kí ó má jẹun lálẹ́. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi ara ènìyàn yìn ín tàbí bú u, ì báà sanra, ì báà fọn, àfi bí òun bá kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo kọ ìwọ̀n sínú ìwé, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Aṣọ tí ó yàn, àwọ̀ tí ó fi pọ̀ mọ́ra, bí ó ṣe wé gèlè rẹ̀, ìyẹn ni mo lè yìn, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe wọ́n.

Ọmọṣẹ́ mi kan ni ó kọ́ mi ní èyí tí ó kù, láìmọ̀ pé òun ń kọ́ mi. Mẹ́rin ni wọ́n wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà. “O káre” ni mo máa ń sọ fún gbogbo wọn láti àárọ̀ di alẹ́, ẹni tí ó ṣe dáadáa àti ẹni tí ó gbìyànjú, mo sì ka ara mi sí ọ̀gá rere tí kì í fi igi na ọmọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn gbé bùbá léèsì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán wá, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní, “O káre, ó dára.” Kò lọ. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, kí ni ó dára nínú rẹ̀? Kí n lè tún un ṣe ni.”

Mo la ẹnu, n kò rí nǹkan kan sọ. A máa ń wí pé yinniyinni, kẹ́ni ó ṣèmíràn. Mo ti ń pa òwe yìí láti kékeré, n kò sì bi ara mi léèrè rí pé mìíràn wo ni ẹni náà yóò ṣe, bí kò bá mọ èyí tí a yìn.

Mo gba aṣọ náà padà, mo sì yí inú rẹ̀ síta. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, ó dára, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dé ẹ̀gbẹ́, níbi tí iwájú àti ẹ̀yìn ti pàdé lábẹ́ apá, mo sì rí i pé òdòdó ara léèsì kò gé sí méjì níbẹ̀. Ìdajì òdòdó tí ó wà níwájú àti ìdajì tí ó wà lẹ́yìn pàdé ara wọn gẹ́lẹ́, láti abẹ́ apá títí dé ìṣẹ́tí. Ẹni tí ó bá ti rán léèsì rí mọ̀ pé èyí kì í ṣẹ̀ lásán. Ó ní láti jẹ́ pé kí ó tó gé e ni ó ti gbé ọ̀kan lé èkejì, tí ó fi pín-ìnnì gún òdòdó kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì rẹ̀, tí ó sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ mú gbogbo rẹ̀ papọ̀ kí ó tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Mo sọ fún un pé, “Òdòdó wọ̀nyí bá ara wọn pàdé ní ẹ̀gbẹ́. Bí ẹni tí ó ni ín bá gbé ọwọ́ sókè láti jó, wọn kò ní rí ojú rírán, yóò dà bí ẹni pé wọ́n hun aṣọ náà mọ́ ọn lára ni. Báwo ni ó ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ?”

Ó tẹ orí ba. Ó ní, “Wákàtí kan àbọ̀, mà. Mo rò pé ẹ kò rí i ni.” N kò sì rí i lóòótọ́. Bí kò bá béèrè ni, n kò ní rí i. Léèsì tí ó tún rán tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe é, nígbà tí ó sì di oṣù tí ó tẹ̀ lé e, mo bá a níbi tí ó ti ń kọ́ àbúrò rẹ̀ nínú iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi pín-ìnnì gún òdòdó.

Bí mo ṣe ń yin ènìyàn láti ìgbà náà kò ní àdììtú. Mo ń wò títí n ó fi rí ohun kan tí ẹni náà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe, mo ń dárúkọ rẹ̀, mo sì ń sọ ohun tí ó ṣe fún aṣọ tàbí fún ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Bí n kò bá rí nǹkan kan, mo máa ń dúpẹ́ iṣẹ́, mo sì máa ń dákẹ́, nítorí pé “Ẹ kú iṣẹ́” ní àyè tirẹ̀ tí kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. N kì í fi ẹnìkan wé ẹlòmíràn. Mo sọ fún ọmọṣẹ́ kan rí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àwọn méjèèjì kò fi yá ara wọn ní sísọ́ọ̀sì. Mo sì ya ìbáwí kúrò lára ìyìn. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ pé, “Ó dára, ṣùgbọ́n…”, títí ó fi jẹ́ pé bí mo bá ti ní ó dára, ojú wọn ti ń ṣọ́ “ṣùgbọ́n” náà, wọn kò sì gbọ́ èyí tí ó ṣíwájú rẹ̀ mọ́.

Ní ti àwọn oníbàárà, mo kọ́kọ́ ń dárúkọ owó. Bí a bá ti parí ọ̀rọ̀ owó, tí kò sí ohun tí mo tún ń wá lọ́wọ́ wọn, nígbà náà ni mo tó lè sọ ohun tí mo rí. Nígbà mìíràn, ó máa ń di ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bá pàdé wọn lọ́jà. Ìyìn tí ó pẹ́ kí ó tó dé báyìí ni wọ́n ń gbàgbọ́ jù lọ, nítorí pé wọ́n rí i pé mo gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ sílé, mo sì tún gbé e padà wá.

Ibì kan ṣì wà tí àwọn ọmọ wa ń ṣìnà sí. Ọmọṣẹ́ mi kan wo gèlè aṣọ-òkè tí màmá kan wé, ó wù ú dénú, ó sì ní, “Ẹ káre, mà!” Ojú màmá náà le. Ọmọ náà kò mọ ohun tí òun ṣe. Mo ní láti ṣàlàyé fún un lẹ́yìn náà pé òkè ni “káre” ti ń wá sísàlẹ̀, àgbà ni ó ń sọ ọ́ fún ọmọdé, kò sì sí bí a ṣe lè fi “ẹ” tún un ṣe kí ó di ọ̀rọ̀ ọmọdé sí àgbà. Ẹni tí ó bá ní kí àgbà káre ti sọ ara rẹ̀ di adájọ́ iṣẹ́ àgbà. Bí ọmọdé bá fẹ́ yin àgbà, ó lè dúpẹ́, ó lè ṣàdúrà, èyí tí mo sì fẹ́ràn jù ni kí ó béèrè. Nígbà tí màmá náà padà wá, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, báwo ni ẹ ṣe wé gèlè ọjọ́sí tí kò fi tú títí ẹ fi lọ?” Màmá náà tú gèlè tí ó wà lórí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi han gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gbígba ìyìn ni ó le jù fún mi. Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ ni oríkì tí ìyá bàbá mi máa ń kì wá. Bí a bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, yóò pe oríkì kálukú, yóò sì ti ibẹ̀ bọ́ sí oríkì ìdílé, ti àwọn tí a kò mọ̀ rí. Mo gbìyànjú láti rántí bóyá ọ̀kan nínú wa dá a lóhùn rí pé, “Rárá, Ìyá, n kì í ṣe bẹ́ẹ̀,” kò sí. Orí ìkúnlẹ̀ ni a máa ń wà, a ó sì gbọ́ ọ tán. Ìyá mi tí í da ìyìn gèlè nù yìí pàápàá, bí wọ́n bá kì í lóríkì, ńṣe ni yóò dúró jẹ́jẹ́. Bákan náà ni bí a bá wọ aṣọ tuntun tí ẹnìkan sì ní, “Ẹ̀mí á lò ó,” kò sí ẹni tí ó ń dáhùn pé aṣọ náà kò dára. Àmín ni a ń ṣe. Ó wá yé mi pé a ti mọ bí a ṣe ń gba ìyìn nínú èdè yìí tipẹ́. Èmi ni mo gbàgbé pé “Ọrùn aṣọ náà jókòó sí mi lára” jẹ́ ara ìdílé kan náà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá yìn mí, mo ń sọ pé, “Ẹ ṣé, mà,” mo sì ń dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn kò rọrùn. Ní oṣù àkọ́kọ́, ńṣe ni mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di téèpù ọrùn mi mú títí ahọ́n mi yóò fi balẹ̀. Bí mo bá ní òtítọ́ kan tí mo lè fi kún un, mo ń fi kún un: “Inú mi dùn pé ẹ rí ọrùn náà, òun ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù.” Bí ó bá jẹ́ pé ọmọṣẹ́ ni ó ṣe é, mo ń pè é jáde kí ó wá gbọ́ ọ létí ara rẹ̀. Mo ń fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró níwájú mi ni, kí ó má baà dà bí ẹni pé mo gba orí rẹ̀ kọjá. Àbùkù tí mo bá mọ̀ nínú iṣẹ́ mi, ọjọ́ tí wọ́n bá wá gbé aṣọ ni mo ń sọ ọ́, nígbà tí ó ṣì ṣe é tú. Bí mo bá ti jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá, èmi ni yóò máa jẹ mí lọ́kàn. Kò tọ́ kí n dì í lé oníbàárà lórí nígbà tí ó bá wá dúpẹ́.

Àwọn kan wà tí ìyìn wọn ní ìdí nínú, mo mọ̀ wọ́n. Obìnrin kan máa ń yìn mí bí ọba, lẹ́yìn náà ni yóò ní kí n jẹ́ kí òun sanwó ní ìparí oṣù. Mo ń dá a lóhùn pé ẹ ṣé, mo sì ń fi aṣọ rẹ̀ kọ́ síbẹ̀ títí oṣù yóò fi parí. Kò pọn dandan kí n máa ṣe adájọ́ ọkàn gbogbo ẹni tí ó bá yìn mí. Owó aṣọ kò sí nínú “ẹ ṣé.”

Ilé ni mo ti kùnà pẹ́ jù. Olùkọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi yìn ín níwájú mi pé ó mọ bí a ṣe ń fi sùúrù kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìṣirò. Kí n tó mọ̀, mo ti ní, “Ẹ kò mọ ìwà rẹ̀ nílé ni.” Ọmọ náà wò mí, kò sọ nǹkan kan. Mo mọ ojú tí ó fi wò mí, nítorí pé èmi náà ti fi wo ìyá mi rí. Lójú ọ̀nà ilé, mo bi í bí ó ṣe ń ṣàlàyé ìṣirò náà fún wọn, ó sì ń sọ ọ́ títí a fi dé ẹnu géètì.

Ní Sátidé tí ó kọjá, níbi ìsìnkú ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní àwọ̀ gèlè mi bá ti ìlẹ̀kẹ̀ mi mu gan-an. Mo ti ní, “Ti àtijọ́ ni o,” kí n tó rántí. Mo dúró, mo sì fi kún un pé, “Ṣùgbọ́n ẹ ṣé, mà. Mo wá ìlẹ̀kẹ̀ yẹn títí kí n tó rí èyí tí ó bá a mu.” Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí ibi tí mo ti rà á, mo sì júwe rẹ̀ fún un.